Kíka Ilé Oníyàrá Méjì Kí A Tó Fi Ọkọ́ Kan Ilẹ̀

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí ilé amọ̀ ni gbogbo ilé, tí ọkùnrin tí ó bá fẹ́ kọ́lé ní Ìlaró tàbí ní Ayétòrò yóò ké sí àwọn àna, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀wẹ̀, ìṣirò ilé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣirò oúnjẹ lọ: iṣu mélòó ni a ó gún, kèrègbè ẹmu mélòó ni yóò tó, ọjọ́ mélòó ni ìpele ògiri ìsàlẹ̀ yóò sì fi gbẹ kí ó tó lè gbé ti òkè. Ẹ̀yìnkùlé ni amọ̀ ti ń wá, igbó ni igi ti ń wá, ara àwọn ènìyàn ẹni ni agbára sì ti ń wá. Lónìí, kò sí ohun kan nínú ilé, ìbáà ṣe yanrìn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a kì í fi owó rà, èyí ni ó sì fà á tí ẹni tí kò bá ka ilé rẹ̀ tán lórí ìwé fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa owó ara rẹ̀, tí ilé rẹ̀ yóò dúró ní ìwọ̀n líńtẹ̀lì fún ọdún mẹ́wàá, tí ewéko yóò máa hù nínú yàrá.

Àwa ará Yewa tilẹ̀ súnmọ́ orísun sìmẹ́ńtì ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1960, èyí tí Dangote dá sílẹ̀ ní Ìbeṣè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012. Òkúta ẹfun tí a ń lọ̀ níbẹ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá dìde láti kọ́lé, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi bíríkìlà ni pé, “Èló ni ilé oníyàrá méjì?” Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn tí ó lè pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, owó sìmẹ́ńtì fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tí ń ṣe é jọ ní oṣù Èrèlé ọdún náà, tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí àpò kan má ju ₦7,000 sí ₦8,000 lọ. Ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ti gbọ́ iye tí kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n iye búlọ́ọ̀kù tí ó wà nínú ògiri kan kò mọ ohun tí ń ṣe náírà. Bí ògiri náà kò bá gùn sí i, tí kò sì ga sí i, iye yẹn kò ní yí padà títí ayé. Nítorí náà, ohun èlò ni kí a kọ́kọ́ kà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fi pamọ́. Ọjọ́ tí a bá ń lọ sí ọjà ni kí a tó fi owó ọjọ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀.

Ilé tí a ó fi ṣe ìṣirò yìí jẹ́ ilé orí ìwé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìta. Pálọ̀ wà níwájú ní apá òsì, ilé ìdáná àti yàrá ìkẹ́rùsí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan là á já ní àárín. Ní apá ọ̀tún, yàrá kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹni tí ilé tirẹ̀ bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ yóò fi ìwọ̀n tirẹ̀ rọ́pò tèmi, ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yàtọ̀.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí a to gbogbo ògiri ilé náà ní títò kan ṣoṣo, bí ẹni pé a tú wọn sílẹ̀ tí a sì tẹ́ wọn lọ gbọọrọ. Ògiri ìta yí ilé ká ní ẹsẹ̀ bàtà 132, nítorí pé 36 lọ́nà méjì àti 30 lọ́nà méjì ni. Ògiri inú ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìta: èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí ó ya pálọ̀ kúrò lára ilé ìdáná, èyí tí ó ya ilé ìdáná kúrò lára yàrá ìkẹ́rùsí, àti àwọn tí ó yí ilé ìwẹ̀ ká. Nínú ilé tiwa yìí, gbogbo wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120. Bí a bá pa á pọ̀, a ní ògiri tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 252.

Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íńṣì 18, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Pín 252 sí ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, ìwọ yóò rí 168. Èyí ni iye búlọ́ọ̀kù tí yóò yí gbogbo ilé náà ká, tinú tòde, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyíká kan yìí ni àwọn bíríkìlà ń pè ní kọ́ọ̀sì. N kò yọ àyè tí sìmẹ́ńtì máa ń gbà láàárín búlọ́ọ̀kù méjì, nítorí náà 168 fi díẹ̀ ju ohun tí a ó lò gan-an lọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí ilé tí a kì í gé búlọ́ọ̀kù ní igun. Búlọ́ọ̀kù ga ní íńṣì mẹ́sàn-án. Pẹ̀lú ìdajì íńṣì sìmẹ́ńtì tí a fi tẹ́ ẹ, kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án yóò gbé ògiri dé ẹsẹ̀ bàtà méje, tí í ṣe orí ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni líńtẹ̀lì yóò jókòó, kọ́ọ̀sì méjì yóò sì tún gorí líńtẹ̀lì kí a tó kan igi òrùlé. Kọ́ọ̀sì 11 nìyẹn lókè ilẹ̀, 168 lọ́nà 11 sì jẹ́ 1,848.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àti fèrèsé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ń gba ipò búlọ́ọ̀kù méjì nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, fún kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án, èyí jẹ́ 18. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ni ó wà nínú ilé yìí, wọ́n sì yọ 144 kúrò. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin ń yọ bí 13, méje ni wọ́n, ìyẹn 91. Yọ 235 kúrò nínú 1,848, ó ku 1,613. Fèrèsé kékeré ilé ìwẹ̀ kò tó ohun tí à ń dárúkọ. Kí a wá fi bí búlọ́ọ̀kù márùn-ún kún ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan fún èyí tí yóò fọ́ lójú ọ̀nà tàbí lọ́wọ́ lébìrà, a ó dúró sí 1,700 lókè ilẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ni ibi tí ọkàn onílé ti máa ń mì, nítorí pé owó ni yóò rì sínú ilẹ̀ níbẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ilé rẹ̀ láìtíì gbẹ́ ihò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà wò. Lórí òkè, ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín Ìlaró àti Ayétòrò, ilẹ̀ pupa líle ni a ń bá, tí kòtò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sì tó fún ilé pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì àti ní etí odò, ẹni tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ lè bá amọ̀ dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́, tí ń wú nígbà òjò, tí ó sì ń lanu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ìka ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Ilé tí a bá gbé lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí bí a ti ń gbé e lé ilẹ̀ pupa yóò máa bá a wú, yóò máa bá a sọ̀, títí ògiri rẹ̀ yóò fi là láti igun fèrèsé lọ sí òkè ní ìdagẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá bá amọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé, kí ó pe onímọ̀ ilé kíkọ́ kí ó tó kà á síwájú, nítorí ìṣirò ojú ìwé yìí kò kan irú ilẹ̀ náà.

Lórí ilẹ̀ pupa, a ó gbẹ́ kòtò yí ilé ká lábẹ́ gbogbo ògiri, tinú tòde, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 252 kan náà. A ó da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó tẹ́ kọ́ọ̀sì mẹ́ta lé e títí yóò fi yọ sí ojú ilẹ̀, a ó sì fi kọ́ọ̀sì méjì gbé ilé ga kúrò lọ́wọ́ àgbàrá. Kọ́ọ̀sì márùn-ún lọ́nà 168 jẹ́ 840. Fi 40 kún un fún fífọ́, ó di 880. Gbogbo búlọ́ọ̀kù ilé náà wá jẹ́ 2,580, a sì ti rí i pé ó ju ìdá mẹ́ta lọ nínú wọn tí ó wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn tí ń fi ojú díwọ̀n ilé kì í wò.

Bí a bá ń yọ búlọ́ọ̀kù fúnra wa, àpò sìmẹ́ńtì kan kò gbọdọ̀ ju búlọ́ọ̀kù onííńṣì mẹ́sàn-án 30 lọ. Mo mọ̀ pé àwọn tí ń tà á ń yọ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpò kan, nítorí pé ibẹ̀ ni èrè wọn wà. Búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kò ṣòro dá mọ̀: bí a bá fi èékánná ha á, yanrìn rẹ̀ yóò máa dà sílẹ̀, bí a bá gbé e sókè dé orúnkún tí a sì jẹ́ kí ó bọ́ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, yóò fọ́ wẹ́wẹ́, nígbà tí èyí tí ó dára yóò kàn ha ní etí. Omi tún ṣe pàtàkì bí sìmẹ́ńtì. Búlọ́ọ̀kù tí a kò bá máa wọ́n omi sí fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, tí a fi sílẹ̀ fún oòrùn láti ọjọ́ kejì, yóò gbẹ kí ó tó le, gbígbẹ kì í sì í ṣe líle. Nítorí náà, 2,580 tí a pín sí ọgbọ̀n-ọgbọ̀n jẹ́ àpò 86. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù ní rírà kò gbọdọ̀ tún ka àpò 86 yìí mọ́ owó rẹ̀, nítorí ó ti san án fún ẹni tí ó yọ búlọ́ọ̀kù; mo ti rí ìwé ìṣirò tí a kọ méjèèjì sí, tí onílé sì san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Fún kọnkéré, ẹ jẹ́ kí a ronú àpótí kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, tí gíga rẹ̀ pẹ̀lú sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Àpò sìmẹ́ńtì kan, tí ó wọ̀n ní kìlógíráàmù 50, yóò kún irú àpótí yìí kan àti ìdá mẹ́rin rẹ̀. Bí a bá po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan mọ́ yanrìn ìwọ̀n mẹ́ta àti òkúta gíránáìtì ìwọ̀n mẹ́fà, bí a ti ń ṣe fún ìpìlẹ̀ àti fún ilẹ̀ ilé, àpò kan yóò fún wa ní nǹkan bí àpótí mẹ́jọ kọnkéré. Kò tó àròpọ̀ àwọn ohun tí a pò, nítorí pé yanrìn ń wọ inú àlàfo òkúta, sìmẹ́ńtì sì ń wọ inú àlàfo yanrìn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin ni a pò ó, èyí tí ó lágbára tí ó yẹ líńtẹ̀lì, àpótí márùn-ún àti ààbọ̀ ni àpò kan yóò fún wa.

Kọnkéré ìsàlẹ̀ kòtò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ìdá mẹ́rin, ó nípọn ní íńṣì mẹ́sàn-án, ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 252: àpótí 425 nìyẹn, ó sì gba àpò 54. Kọnkéré ilẹ̀ ilé, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní Jámánì fulọ́ọ̀, nípọn ní íńṣì mẹ́rin lórí gbogbo àyè ilé. Àpótí 360 ni, àpò 45. Líńtẹ̀lì tí ó yí gbogbo ògiri ká jẹ́ àpótí 142, ó sì gba àpò 26, pẹ̀lú ọ̀pá irin mìlímítà 12 tí kò ní dín ní 29, bí a bá fi mẹ́rin mẹ́rin lọ nínú rẹ̀. Ọ̀kan tún kù tí ó máa ń fara pamọ́: ihò inú búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ le yóò fi kọnkéré dí àwọn ihò náà, ihò búlọ́ọ̀kù kan sì ń gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àpótí. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: 880 nínú wọn yóò gbé bí àpótí 264 mì, èyí tí í ṣe àpò 33. Ọ̀pọ̀ ìṣirò tí ó jábọ́ lójú iṣẹ́, níbí ni ó ti jábọ́.

Fún títẹ́ búlọ́ọ̀kù, àpò kan tó tẹ́ 50, nítorí náà 2,580 yóò gba àpò 52. Fún rírẹ́ ògiri, a ó wọn ojú ògiri méjèèjì, tinú tòde, a ó sì yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Nínú ilé yìí ó kù bí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 4,230. Àpò kan ń rẹ́ bí ọgọ́rùn-ún, bí ògiri bá tẹ́jú. Àpò 42 ni a ó kọ sílẹ̀. Bí bíríkìlà kò bá fi okùn tẹ́ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ gún, ẹni tí ń rẹ́ ilé ni yóò fi sìmẹ́ńtì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, àpò 42 sì lè di 60 láìsí ẹni tí ó jí ọ̀kankan. Bí onílé bá rí i pé a ń fi sìmẹ́ńtì kún ibì kan nípọn tó íńṣì kan, kí ó mọ̀ pé títẹ́ ni ó ti bàjẹ́.

Pa gbogbo rẹ̀ pọ̀: 86 fún yíyọ búlọ́ọ̀kù, 54 fún ìsàlẹ̀ kòtò, 33 fún ihò búlọ́ọ̀kù, 45 fún ilẹ̀ ilé, 52 fún títẹ́, 26 fún líńtẹ̀lì, 42 fún rírẹ́. Ó jẹ́ 338, bí a bá sì fi díẹ̀ kún un fún èyí tí yóò dà nù àti àpò tí yóò ya, ó di 355. Ìgbà yìí ni owó tó wọlé. Bí àpò kan bá jẹ́ ₦7,000, a ó san ₦2,485,000. Bí ó bá jẹ́ ₦8,000, a ó san ₦2,840,000. Ẹgbẹ̀rún náírà kan tí ó bá gun orí àpò kan yóò fi ₦355,000 gun orí ilé yìí, onílé sì lè mọ èyí ní ọjọ́ kan náà tí ó bá gbọ́ iye tuntun, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Yanrìn àti òkúta ni ó ṣòro jù láti kà, nítorí pé típà ni a fi ń rà wọ́n, típà kì í sì í ní ìwọ̀n kan. Búlọ́ọ̀kù onííńṣì mẹ́sàn-án kan ń wọ̀n bí kìlógíráàmù 24, yanrìn sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Típà tí ó bá gbé yanrìn 20 tọ́ọ̀nù ní òtítọ́ yóò ṣe bí 800 búlọ́ọ̀kù àti díẹ̀. Nítorí náà, 2,580 yóò gba típà mẹ́ta àti díẹ̀. Kọnkéré àti títẹ́ búlọ́ọ̀kù yóò gba típà méjì àti díẹ̀ sí i, kí a sì kúkú kọ mẹ́fà sílẹ̀. Yanrìn kíkúnná tí a ó fi rẹ́ ilé kò tó típà kan. Òkúta gíránáìtì jẹ́ bí tọ́ọ̀nù 47, típà méjì àti díẹ̀ tí ó ju ìdá mẹ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n “20 tọ́ọ̀nù” tí awakọ̀ ń pe ọkọ̀ rẹ̀ kò ju orúkọ lọ. Àpótí yanrìn kan, irú èyí tí a ti sọ, ń wọ̀n bí kìlógíráàmù 45, nítorí náà tọ́ọ̀nù 20 kò lè dín ní àpótí 440. Kí onílé gbé téèpù dání, kí ó wọn gígùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ìbú rẹ̀, àti bí yanrìn ti ga tó nínú rẹ̀, kì í ṣe bí igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ga tó, kí ó sì sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ kí wọ́n tó da yanrìn sílẹ̀. Bí ó bá rí 330, ìdá mẹ́rin owó rẹ̀ ni ó kù sínú ọkọ̀ náà. Kí ó sì bu yanrìn náà sí ọwọ́, kí ó fún un: bí ọwọ́ bá dọ̀tí, tí yanrìn bá di ìṣù, amọ̀ wà nínú rẹ̀, yóò sì jẹ sìmẹ́ńtì jù bí a ti kà á lọ. Ní ti ilẹ̀ pupa tí a ó fi dí inú ìpìlẹ̀, ilẹ̀ tí a hú jáde láti inú kòtò yóò ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, bí a bá ti yọ ti òkè tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀ kúrò.

Òrùlé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yọ ju ògiri lọ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì yí ká, nítorí náà ó bo 40 sí 34, ìyẹn 1,360. Ṣùgbọ́n òrùlé kì í tẹ́jú. Bí ó bá dagẹ̀rẹ̀ bí a ti ń ṣe é ní ìhà yìí, a ó fi ìwọ̀n 15 kún ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ó di bí 1,564. Páànù gbọọrọ alumíníọ̀mù, tí mítà ni a fi ń tà á, yóò jẹ́ bí mítà onígun mẹ́rin 145, bí òrùlé bá sì ní igun mẹ́rin tí a ó máa gé páànù sí, kí a ra 160. Kí a fi irin ìwọ̀n wo bí ó ti nípọn tó, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń san owó mìlímítà 0.55 tí ó sì ń gbé 0.45 lọ sílé. Igi ẹsẹ̀ bàtà 12 ni a ń tà: bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin sáàárín férémù òrùlé, férémù mẹ́wàá ni yóò wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba igi mẹ́wàá, fi igi orí ògiri 21 àti igi tí páànù yóò jókòó lé 56 kún un, kí a sì fi díẹ̀ sí i fún gígé, a ó dé 195. Igi tí a kò bá fi oògùn ikán pa kí a tó gbé e gòkè, kí a má kà á mọ́ igi.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n iye búlọ́ọ̀kù tí a ti kà ni yóò tún parí rẹ̀. Bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́, tí lébìrà ń gbé nǹkan fún un, yóò tẹ́ bí 100 búlọ́ọ̀kù lójúmọ́. 2,580 jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ 26 fún ẹnìkan, tàbí ọjọ́ 13 fún ènìyàn méjì. Bí ó bá ń rẹ́ 160 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lójúmọ́, rírẹ́ náà yóò gba bí ọjọ́ 26. Bí bíríkìlà bá wá dá owó kan lé gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, kí onílé fi owó oòjọ́ bíríkìlà ní ìlú rẹ̀ sọ ọjọ́ wọ̀nyí di púpọ̀, kí ó fi ti lébìrà kún un, kí ó sì wò bóyá iye tí ó dá sún mọ́ ọn. Ní ẹkùn ẹnu ibodè wa yìí, níbi tí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ láti Pòtónófò àti Pobẹ̀ ti ń wọlé wá ṣiṣẹ́, owó oòjọ́ kì í bára dọ́gba. Ọ̀gá tí owó rẹ̀ ga díẹ̀ ṣùgbọ́n tí okùn rẹ̀ gún yóò fi àpò sìmẹ́ńtì tí a ń fi rẹ́ ilé san owó náà padà. Ìpele ni kí a máa fi san owó, kì í ṣe ọjọ́: nígbà tí ìpìlẹ̀ bá yọ sí ojú ilẹ̀, nígbà tí ògiri bá dé líńtẹ̀lì, nígbà tí òrùlé bá gorí ilé.

Kò sí ilẹ̀kùn, fèrèsé, iná mànàmáná, páìpù, ṣalángá, àjà àti táìlì nínú gbogbo ohun tí a kà yìí. Wọ́n lè gba owó tó ti gbogbo ìyókù, orí mìíràn ni a ó sì fi fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi owó díẹ̀díẹ̀ kọ́lé tí ó sì ń bẹ̀rù kí ọjà má gbówó lórí kò gbọdọ̀ kó àpò sìmẹ́ńtì 355 jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sìmẹ́ńtì kì í fara da ju oṣù mẹ́ta lọ nínú yàrá, pàápàá nígbà òjò, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù. Èyí tí ó bá ti ṣù, tí ọwọ́ kò lè rún mọ́, kò dára fún líńtẹ̀lì mọ́. Kí ó ra ohun tí oṣù kan yóò jẹ tán, kí ó gbé e sórí pákó, kí ó má jẹ́ kí ó kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Owó tí ó bá sì fẹ́ fi pamọ́, kí ó fi yọ búlọ́ọ̀kù sí orí ilẹ̀ rẹ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù tí ó yọ ní ọdún yìí pẹ̀lú omi tí ó tó yóò ṣì dára fún un ní ọdún mẹ́ta sí i.